Bí a ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ tó wà létí sikirinṣọ́ọ̀tì kúrò, kí ibẹ̀ má sì dọ̀tí

Ìbéèrè kan ń padà wá sọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ṣáá, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta. Wọ́n á ní: "Mo ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára àwòrán o, àmọ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wá dà bí ibi tí wọ́n fọwọ́ ọlọ́ràá nù." Tí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín àwòrán, wọn kì í wá sọ́dọ̀ mi. Èyí tó bá sún mọ́ etí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, ó sì ní ìdí.

Ọ̀nà tí mò ń lò ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é, pẹ̀lú GIMP, ètò àtúnṣe àwòrán tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà yóò rí ti fóònù nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ṣé fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀ lára ṣì wà nínú gálárì yín, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó yà á? Tó bá wà, ẹ lò ó. Kò sí àtúnṣe tó tó ojúlówó.
- Ṣé ẹ lè gé ìsàlẹ̀ yẹn dànù? Tí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ṣe pàtàkì, ẹ gé e, iṣẹ́ parí.
- Ṣé àwòrán yín ni, tàbí ti ẹni tó fún yín láyè? Tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíì ni ọ̀rọ̀ náà, tí ó fi ń sọ pé òun ló ni iṣẹ́ òun, ẹ fi sílẹ̀. Rísíìtì báńkì náà, ẹ má fọwọ́ kàn án.
- Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá: ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà ti lọ. Nígbà tí fóònù ya ojú rẹ̀, lẹ́tà ló yà, kò ya aṣọ tó wà lẹ́yìn lẹ́tà. Ohun tó jọ ọ́ la máa fi dí ibẹ̀. Tí oníbàárà bá fẹ́ mọ bí etí aṣọ yẹn gan-an ṣe rí, ẹ ya aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

## Ìdí tí etí fi ń bàjẹ́

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Heal nínú GIMP, àti Healing lórí fóònù, kì í kàn lẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ó máa ń wo àwọ̀ tó yí ibi tí ẹ fi kùn ká, yóò sì po tuntun pọ̀ mọ́ ọn kí ojú má baà rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Láàárín àwòrán, ó ní òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì láti wò. Létí, apá kan ti parí. Bí ẹ bá tún fi kan ara lẹ́tà tó kù, àwọ̀ funfun lẹ́tà náà ni yóò rí, yóò sì pò ó mọ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni àbàwọ́n eérú tó dà bí ọwọ́ ọlọ́ràá ti ń wá.

Nítorí náà, mi ò kì í tún etí ṣe létí. Mo máa ń gé odindi ègé kan láti ibi tó mọ́ lókè, màá sì fi bo ìsàlẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, títí dé etí gan-an. Nígbà náà, ibi kan ṣoṣo tí tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ ti pàdé ni orí ègé náà. Ibẹ̀ jìnnà sí etí, búrọ́ọ̀ṣì sì ní ibi gbogbo láti wò.

## Àwòrán tí a máa fi ṣe é

Ìyá aládìrẹ kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ti fi aṣọ kan sí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù, ó kọ iye rẹ̀ sí i nísàlẹ̀, kò sì fi fọ́tò náà pamọ́. Sítátọ́ọ̀sì kì í lò ju wákàtí 24 lọ, sikirinṣọ́ọ̀tì nìkan ló kù fún un. Iye aṣọ ti yí padà, ó sì fẹ́ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí oníbàárà kan.

"Ọmọ mi, sáà bá mi pa iye yẹn rẹ́. Má jẹ́ kí aṣọ mi dọ̀tí o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kí n wo ọnà aṣọ náà ná."

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tí wọ́n fi páànù gígé tẹ ẹ̀kọ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Èyí ṣe pàtàkì. Páànù kan náà ni wọ́n ń gbé láti ibì kan sí ibòmíì lórí aṣọ, torí náà ọnà kan náà ló ń padà wá ní àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìràwọ̀ kan wà, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn tí mo gé òkè fóònù àti bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kúrò, àwòrán náà fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1080, ó sì ga ní 1920. Nínú GIMP, láti òkè ni a ti ń kà wálẹ̀. Orí lẹ́tà wà ní 1832, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 1898. Píkísẹ́lì 22 péré ló wà láàárín ẹsẹ̀ lẹ́tà àti etí. Àwọn lẹ́tà náà tún ní òjìji dúdú tó ràn tó píkísẹ́lì 6 ju ara wọn lọ, tí ojú kì í tètè rí. Láti àárín ìràwọ̀ kan dé àárín èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 164.

Àwọn nọ́ńbà yìí la máa fi ṣiṣẹ́. Tiyín yóò yàtọ̀, àmọ́ bí a ṣe ń rí wọn kò yàtọ̀.

## Ìgbésẹ̀

1. Ẹ wọn ọnà. Ẹ ṣí àwòrán nínú GIMP, ẹ sún un mọ́ra dé 200%. Ẹ tẹ Shift+M, irinṣẹ́ ìwọ̀n yóò jáde. Ẹ fà á láti àárín ìràwọ̀ kan dé àárín èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 163, 164, 165, ẹ mú 164. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra gan-an, aṣọ náà ti ká tàbí wọ́n yà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ lọ wo apá àdìrẹ oníko nísàlẹ̀.

2. Ẹ pinnu ibi tí ègé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ dáadáa lókè òjìji lẹ́tà, kí àyè lè wà láti po orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ. Òjìji bẹ̀rẹ̀ ní 1826, mo sì mú 1780. Láti 1780 dé 1920 jẹ́ 140, ìyẹn ni gíga ègé náà.

3. Ẹ wá ibi tó mọ́ lókè. Ẹ yọ ìwọ̀n ọnà kúrò: 1780 yọ 164, ó kù 1616. Ègé tí a máa gé bẹ̀rẹ̀ ní 1616, ó sì parí ní 1756. Ṣé 1756 kò wọ inú òjìji? Òjìji bẹ̀rẹ̀ ní 1826, kò dé ibẹ̀. Tí ègé yín bá wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ yọ ìwọ̀n ọnà lẹ́ẹ̀mejì.

4. Ẹ sàmì sí i. Ẹ tẹ R, ẹ fa àpótí kan sórí àwòrán, kí ẹ wá tún nọ́ńbà rẹ̀ kọ sínú àyè irinṣẹ́: Position jẹ́ 0 àti 1616, Size jẹ́ 1080 àti 140. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú níbí, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ.

5. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl+C, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí mẹ́nù Edit, ẹ yan Paste in Place. Ègé yóò bọ́ síbi tó ti wá gan-an. Tí ẹ bá rí Floating Selection nínú àwọn ìpele tí GIMP ń pè ní Layers, ẹ tẹ Shift+Ctrl+N kó lè di ìpele tirẹ̀.

6. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tẹ M, ẹ fa ègé náà wálẹ̀ tààrà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá etí ìsàlẹ̀ àwòrán. Kó má yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Bọ́tìnnì ọfà lórí kíbọ́ọ̀dù ń sún un ní píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn la fi ń parí rẹ̀.

7. Ẹ wò ó bóyá ọnà bá ọnà mu. Ẹ dín Opacity ìpele náà kù sí 50. Ẹ ó máa rí aṣọ tó wà lábẹ́ àti ègé papọ̀. Ẹ wo ìlà ìràwọ̀ tó gba orí ègé kọjá: tó bá pín sí méjì bí ìgbà tí ojú bá ń ṣe bàìbàì, ẹ fi ọfà sún un títí yóò fi di ọ̀kan. Ẹ dá Opacity padà sí 100.

8. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe. Aṣọ tí wọ́n yà lórí okùn tàbí lórí tábìlì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ nísàlẹ̀. Ègé tó wá láti òkè yóò mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ní mẹ́nù Colors, ẹ ṣí Brightness-Contrast, ẹ fa Brightness sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ti ìyá aládìrẹ yẹn, 6 péré ni mo fà á sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun náà ló sì ń tú àṣírí iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

9. Ẹ jẹ́ kí orí ègé rọ̀. Ní mẹ́nù Layer, ẹ lọ sí Transparency, ẹ yan Add Alpha Channel. Tí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá tẹ Shift+E, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, kó fẹ̀ ní 30, kí Opacity rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹ fi pa orí ègé náà, kí ọwọ́ yín má lọ ní ìlà tó tọ́ gangan: ẹ jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀ bí etí omi. Ìlà tó tọ́ ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ kọjá 1815, kí òjìji lẹ́tà má baà yọjú padà.

10. Ẹ pa ìpele pọ̀, ẹ wá lo Heal. Mẹ́nù Image, Flatten Image. Ẹ tẹ H, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ tó 25. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ibi tó mọ́ tó jọ ibẹ̀, kí ẹ wá fi kan ibi tí ègé àti aṣọ ti pàdé nìkan. Ní etí ìsàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

11. Ẹ fi pamọ́. Mẹ́nù File, Export As, ẹ fi `.png` parí orúkọ rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò tíì dáa

Ẹ kọ́kọ́ dá àwòrán padà sí 100%, ẹ sún sẹ́yìn lórí àga, ẹ wò ó bí oníbàárà ṣe máa wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí mẹ́nù Colors, ẹ fa Contrast sókè gan-an fún ìṣẹ́jú kan. Ohunkóhun tó bá fara pamọ́ yóò hàn: ìlà tó dábùú, òjìji lẹ́tà tó kù, tàbí ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ Cancel.

Àbàwọ́n funfun bí èéfín. Heal ti kan ara lẹ́tà. Ẹ tẹ Ctrl+Z títí ẹ ó fi dé ibi tó mọ́. Ẹ má gbìyànjú láti fi Heal wo ohun tí Heal bàjẹ́, ṣe ni yóò máa fẹ̀ sí i. Èmi náà ti fi ìdajì wákàtí ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àwòrán oníbàárà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀dà tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló yọ mí.

Orí ègé di funfun nígbà tí ẹ ń pa á. Ẹ kò ṣe Add Alpha Channel ni, tàbí ìpele tó wà lábẹ́ ni ẹ ń pa. Ẹ wo èyí tí ẹ yàn.

Nǹkan kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Aró a máa kán sílẹ̀, aṣọ a sì máa ní ibi tí ẹ̀kọ ti sán. Tí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ègé tí ẹ gé, yóò hàn lókè, yóò tún hàn nísàlẹ̀, ní ọ̀gangan ibì kan náà. Lára àwòrán ìyá yẹn, ẹ̀kán aró kan tó tó orí ìṣáná wà lápá òsì. Ẹni tó bá ń ta àdìrẹ kò ní ṣàì rí i. Mo tẹ C, mo mú Clone, mo sì fi ìràwọ̀ tó wà lápá ọ̀tún bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tòkè, mo fi í sílẹ̀, torí òun ni ojúlówó.

Òjìji lẹ́tà ṣì wà. Ègé náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ jù. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ tún un gé.

## Tó bá jẹ́ àdìrẹ oníko

Èyí tí wọ́n fi ìko dì kò ní páànù tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọwọ́ ló dì í, òrùka kan kò jọ èkejì rẹ̀ tán, odindi ègé kò sì lè bá a mu. Clone ni kí ẹ lò níbẹ̀, kì í ṣe Heal. Clone kì í po àwọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tó yí i ká, bó ṣe rí níbi tí ẹ ti mú un ló ń gbé e wá. Ìdí nìyẹn tó fi ṣeé lò dé etí.

1. Ẹ tẹ C, kí búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ju gíga lẹ́tà lọ díẹ̀. Fún lẹ́tà tó ga ní 66 bíi ti òkè yìí, mo máa ń mú 80.
2. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ àárín òrùka kan tó mọ́.
3. Ẹ fi tẹ orí lẹ́tà kan, bí apá kan búrọ́ọ̀ṣì bá tilẹ̀ jáde síta etí. Kò burú.
4. Ẹ lọ mú òrùka mìíràn fún lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń lo ọ̀kan ṣoṣo ṣáá, ìsàlẹ̀ yóò dà bí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ló dì í.

Ó gba àkókò ju ti ẹlẹ́kọ lọ, mi ò sì tíì rí ọ̀nà àbùjá fún un.

## Tí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo

Èyí rọrùn. Ẹ tẹ O, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà kí GIMP lè mú àwọ̀ ibẹ̀. Ẹ tẹ R, ẹ fi àpótí yí ọ̀rọ̀ ká dé etí, kí ẹ wá yan Fill with FG Color ní mẹ́nù Edit. Àmọ́ tí fáìlì náà bá jẹ́ `.jpg`, àwọ̀ tó dà bí ọ̀kan kì í sábà jẹ́ ọ̀kan, ibi tí ẹ kùn yóò sì mọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ gé ègé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi bò ó dípò.

## Lórí fóònù

Nínú áàpù Snapseed, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Healing.

1. Ẹ ṣí àwòrán, ẹ lo Crop, ẹ gé ìsàlẹ̀ dànù títí kan òjìji lẹ́tà.
2. Ẹ ṣí Expand, ẹ yan Smart, ẹ fa ìsàlẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Yóò fi ohun tó wà létí dí ibi tó ṣófo.
3. Ẹ fi ìka méjì sún un mọ́ra, ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi Healing kàn. Bí ẹ bá ṣe sún un mọ́ra tó ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń kéré tó lórí àwòrán.

Fún ilẹ̀, ògiri, ojú ọ̀run tàbí aṣọ tí kò ní ọnà ńlá, èyí tó. Fún ìràwọ̀ àdìrẹ, Expand kò mọ ibi tí ìràwọ̀ yẹ kó parí sí, ó lè fún yín ní ìdajì ìràwọ̀ tó yíjú síbi tí kò yẹ. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

## Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́

Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, fífún yẹn a sì máa mú kí ibi tí ègé àti aṣọ ti pàdé hàn. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ti ìyá aládìrẹ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó sún un mọ́ra pẹ̀lú ìka méjì, ó ń ka ìràwọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì, ó sì bi mí pé: "Èwo ni iye yẹn wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"